Ẹni Tí Ń Lépa Ọ̀rọ̀ àti Ẹni Tí Ń Sá Fún Un: Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Jáwọ́ Nínú Ìjà Àlọyípo

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí irú ìjà kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa. Kì í ṣe ìjà tí àwọn méjèèjì ń pariwo mọ́ ara wọn. Ìjà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì dákẹ́ ni. Bí ọ̀kan ti ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ ni èkejì ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá yá, èyí tí ń fà sẹ́yìn á dìde, á mú fìlà rẹ̀, á sì jáde. Àwọn aládùúgbò á ní ẹnu obìnrin yìí ti pọ̀ jù, tàbí wọn á ní ọkàn ọkùnrin yìí ti le jù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni pé ibi tí àwọn aládùúgbò ń wò kọ́ ni àrùn náà wà. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe láti pa iná ìjà gan-an ni ó ń da epo sí i lójú ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọn kì í ṣe ẹnì kan pàtó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní ojú ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, láti aago méje àárọ̀ títí di aago méje alẹ́. Ìyàwó ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Agége. Orílé Agége ni wọ́n ń gbé. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Owó iléèwé àwọn ìbejì, ₦40,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ Ajé. Ìyàwó sì ti rí i lórí fóònù pé ọkọ òun fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ṣakí.

Ìyàwó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan lórí owó iléèwé o.”

Ọkọ ní, “Mo gbọ́.” Ó ń bọ́ bàtà.

“Ẹ gbọ́? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ẹ ti ń gbọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé àwọn ọmọ yín padà sílé ni?”

Ọkọ ò fèsì. Ó tan tẹlifíṣọ̀n.

“Ẹ wò ó, ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe báyìí. Owó wà fún Ṣakí, kò sí fún àwọn ọmọ yín. Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀!”

Ọkọ dìde. Ìyàwó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ ti ọdún tó kọjá mọ́ ọn. Ọkọ ní, “O ò ní jẹ́ kí èèyàn sinmi nínú ilé yìí,” ó sì jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Kò padà títí di aago mọ́kànlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ di ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ìyàwó sì tún mú ọ̀rọ̀ náà wá, ohùn rẹ̀ ga ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ, ọkọ náà sì yára dìde ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bi ìyàwó léèrè ìdí tí ó fi pariwo. Á ní nítorí pé ọkọ òun kì í dáhùn ni. Ẹ bi ọkọ léèrè ìdí tí ó fi jáde. Á ní nítorí pé ìyàwó òun kì í jẹ́ kí òun gbádùn ni. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ka ìjà náà láti ibi tí ọkọ ti dákẹ́. Ọkọ kà á láti ibi tí ohùn ìyàwó ti ga. Òrùka kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi ìka lé ni ó ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọkàn àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọkọ tan tẹlifíṣọ̀n, ohun tí ìyàwó gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni pé, “Ìwọ àti ohun tí ó ń dùn ọ́ ò já mọ́ nǹkan kan lójú mi.” Ẹ̀rù bà á pé òun nìkan ni òun wà nínú ilé yìí. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà pé a kò gbọ́ òun, ńṣe ni yóò túbọ̀ kígbe. Ohùn rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpè ni ó wà nínú ohùn náà: ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ yíjú sí òun.

Ọkọ ńkọ́? Ó mọ̀ pé ₦80,000 kò sí lọ́wọ́ òun. Ìyá tí ó bí i ń ṣàìsàn ní Ṣakí. Nígbà tí ìyàwó ní kò sí owó fún àwọn ọmọ rẹ̀, ohun tí ó gbọ́ ni pé, “O ti kùnà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin.” Kò ní èsì tí kò ní tún ọ̀rọ̀ dá sílẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, òun lè sọ ohun tí kò ṣe é kó padà. Ó jáde kí ìjà má baà burú sí i. Ààbò ni ìjáde yẹn jẹ́ lójú tirẹ̀. Lójú ìyàwó rẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ ni. Bí ìpè ìyàwó ṣe ń lé ọkọ jáde, tí ìjáde ọkọ sì ń sọ ìpè náà di igbe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yí i ká.

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Ní ọdún 1990, Andrew Christensen àti Christopher Heavey ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn tọkọtaya jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan lórí ohun tí ìyàwó fẹ́ kí ọkọ yí padà, lẹ́ẹ̀kan lórí ohun tí ọkọ fẹ́ kí ìyàwó yí padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ìyàwó, ìyàwó ni ó sábà ń lépa, ọkọ ni ó ń fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ọkọ, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé kì í ṣe pé a dá obìnrin ní aláròyé, tí a sì dá ọkùnrin ní olódì. Ẹni tí ó fẹ́ kí nǹkan yí padà ni ó sábà ń lépa. Ẹni tí nǹkan tẹ́ lọ́rùn bí ó ṣe wà, tàbí tí kò mọ bí yóò ṣe yí i padà, ni ó sábà ń fà sẹ́yìn. Ní ọdún 2006, Christensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ará Bùràsíìlì, Ítálì, Taiwan àti Amẹ́ríkà. Ní gbogbo ibẹ̀, bí àṣà lílépa àti fífà sẹ́yìn yìí bá ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn méjì, bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ́lọ́rùn wọn nínú ìgbéyàwó ṣe ń dín kù tó.

Ẹ lè dán ìyẹn wò nínú ilé yín. Bàbá Ìbejì tí ó sá fún ọ̀rọ̀ owó iléèwé, òun náà ni yóò máa lépa ọ̀rọ̀ bí ìyàwó rẹ̀ bá ń pẹ́ kí ó tó ti ọjà dé. Á béèrè lẹ́ẹ̀kan, á béèrè lẹ́ẹ̀kejì, á tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná. Ìyàwó tí a ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù ni yóò wá dákẹ́, tí yóò máa fọ abọ́ tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ tí ó bá ti lépa ọ̀rọ̀ tí a kò sì dá a lóhùn mọ bí ìyẹn ti ń dun èèyàn. Kí ó rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá tún kan òun láti dáhùn.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ jẹ́ ti ara. John Gottman àti Robert Levenson, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ wọn bí ọkàn tọkọtaya ṣe ń lù nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn. Gottman ṣàlàyé pé bí ọkàn ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ bá ti ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan nítorí ìjà, ara onítọ̀hún ti múra bí ẹni tí ó fẹ́ sá fún ẹranko. Etí rẹ̀ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, àpọ́nlé yóò nira fún un, àwàdà yóò sì sá lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fà sẹ́yìn tí ojú wọn dà bí òkúta lóde, inú wọn ń hó bí omi ẹ̀kọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò dùn wọ́n. Ó dùn wọ́n dé ibi tí wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó sì kéré tán, ó ń gba ìṣẹ́jú 20 kí ara tó rọlẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, a kò lè rí ìdáhùn gidi gbà lẹ́nu rẹ̀, bí a tilẹ̀ dí i lọ́nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ara rẹ̀ dé, kí ó fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ó ka bí ó ṣe ń lù fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ wá wo irú ayé tí àwa ń gbé láàárín Ìkẹjà àti Agége. Ẹnì kan ń jáde iṣẹ́ alẹ́ bí ẹnì kejì ṣe ń gbé igbá ọjà. Ẹnu ọ̀nà ni tọkọtaya ti ń pàdé, nígbà tí ọ̀kan ti rẹ̀, tí èkejì sì ń kánjú. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ó di ọ̀la alẹ́. Nítorí náà ó gbé e ka ẹni tí ó ń bọ́ bàtà. Ọ̀pọ̀ wa sì ń gbé yàrá kan, níbi tí kò sí igun tí èèyàn lè lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 20 láìjáde sí ìta. Ọ̀rọ̀ tí ì bá ṣe é sọ nírọ̀rùn di ìjà nítorí wákàtí tí a mú un jáde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ó ní ọlá jù lọ pàápàá. Sahl ọmọ Saad ni ó gba ìtàn náà wá, ó sì wà nínú ìwé Bùhárì àti ti Mùsílíìmù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ sí ilé ọmọ rẹ̀ Fátímà, kò bá Àlí nílé, ó sì béèrè rẹ̀. Fátímà ṣàlàyé pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn, pé ó bínú sí òun, ó sì jáde láìsun oorun ọ̀sán nílé. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán ẹnì kan kí ó wo ibi tí ó wà, wọ́n sì rí i ní mọ́sálásí. Òun fúnra rẹ̀ lọ bá a níbi tí ó sùn sí, tí aṣọ ti yẹ̀ lára rẹ̀, tí erùpẹ̀ sì ti bò ó. Ó ń nu erùpẹ̀ náà kúrò lára rẹ̀, ó sì fi àwàdà pè é ní Abú Túrábù, èyíinì ni Bàbá Erùpẹ̀, kí ó dìde. Àlí fẹ́ràn orúkọ yìí gan-an títí tí ó fi kú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Fátímà kò ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Gbólóhùn díẹ̀ ni ó fi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àlí jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti lè tètè rí i ni ó lọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò sì kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Kò pe Àlí ní ẹni tí ó sá, bẹ́ẹ̀ ni kò bá Fátímà wí pé òun ni ó lé ọkọ jáde. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá ni bí ẹni tí ó jáde yóò ṣe padà, ó sì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mú un dìde. Ìjáde nìkan kò tú ilé yẹn ká, nítorí pé ìpadà tẹ̀ lé e kíákíá.

Láti inú èyí ni a ti lè rí ọ̀nà àbáyọ. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tí ń fà sẹ́yìn. A kò ní kí o má jáde bí inú rẹ bá ń hó. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ wa pé kí ẹni tí inú bá ń bí dákẹ́, kí ẹni tí ó wà lórí ìdúró sì jókòó. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ láti pa ìbínú yàtọ̀ sí dídákẹ́ láti fi ìyà jẹ èèyàn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àkókò. Kí o tó jáde, sọ nǹkan mẹ́ta: pé o gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, pé ara rẹ kò gbà á nísinsìnyí, àti wákàtí tí o máa padà sí i. Má ṣe sọ pé “tó bá yá.” Sọ pé “aago mẹ́wàá.” Lẹ́yìn náà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá nígbà tí aago bá lù. Bí ẹnì kejì bá tún ní láti wá ọ wá, o ti sọ ọ́ di alépa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní àárín ìṣẹ́jú 20 tàbí ọgbọ̀n yẹn, ṣe àlùwàlá, rìn díẹ̀, má sì jókòó máa to èsì tí o máa fi borí. Ẹni tí ó ń to èsì ìjà lọ́kàn, ọkàn rẹ̀ kò tíì yé lù.

Èkejì jẹ́ ti ẹni tí ń lépa. Àwọn àgbà ní ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá, kí o sì fi ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe irú ẹni tí ẹnì kejì jẹ́. “Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe báyìí” jẹ́ ìdájọ́ lórí èèyàn, ẹni tí a bá sì dá lẹ́jọ́ yóò wá ọ̀nà àtisá. “Ẹ̀rù ń bà mí lórí ọjọ́ Ajé” jẹ́ ìròyìn láti inú ọkàn rẹ, ó sì rọrùn láti dúró tì í. Bí ẹnì kejì bá sì ti dá wákàtí, má ṣe tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, má sì fi ọ̀rọ̀ lé e bá lórí fóònù. Iṣẹ́ tí ó le jù fún alépa ni kí ó jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wà fún ìdajì wákàtí láìkà á sí ìkọ̀sílẹ̀. Òun ni ọrẹ tìrẹ, gẹ́gẹ́ bí ìpadà ti jẹ́ ọrẹ ti ẹnì kejì.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ tí kò sí ìjà, ẹ jókòó kí ẹ fún àlọyípo náà ní orúkọ tí ó jẹ́ ti ilé yín nìkan. Nígbà tí ó bá tún ń bọ̀, ẹnikẹ́ni nínú yín lè sọ pé, “Ó ti tún dé o.” Ẹ̀yin méjèèjì á wá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìjà náà á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ẹ sì mú wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ àárọ̀ tàbí ti alẹ́ kò bá dí, fún ọ̀rọ̀ owó àti ti ọmọ, kí ẹnu ọ̀nà lè sinmi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Orílé Agége. Ọjọ́bọ̀ kan náà ni, owó kan náà ni. Ìyàwó jẹ́ kí ọkọ jẹun tán. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ̀rù ń bà mí lórí owó iléèwé tí a máa san lọ́jọ́ Ajé. Mo rí i pé ẹ fi owó ránṣẹ́ sí Ṣakí, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mò ń ronú àwọn ọmọ.” Àyà ọkọ já, ó fẹ́ dìde bí ó ti máa ń ṣe. Ó wá ní, “Ìyá Ìbejì, mo gbọ́. Orí mi ti gbóná, mi ò fẹ́ sọ ìsọkúsọ. Jẹ́ kí n lọ jókòó níwájú ilé. Tó bá di aago mẹ́wàá, a ó sọ ọ́.” Ìyàwó fẹ́ tẹ̀ lé e, ó mú ara dúró. Aago mẹ́wàá lù, ọkọ wọlé, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Kò sí ₦80,000 lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí ni mi ò fi sọ. Ìyá mi ń ṣàìsàn.” Ìyàwó ò tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí ìyàwó lọ bá ọ̀gá iléèwé ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n san ìdajì lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n sì san ìyókù nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Owó kò pọ̀ sí i ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni ó ń gbé ẹrù náà báyìí.

Ọ̀nà yìí lè wọ́, ẹ sì lè mọ ìgbà tí ó bá ń wọ́. Bí ẹni tí ń fà sẹ́yìn bá ń dá wákàtí tí kì í padà, ó ti sọ ìsinmi di ibi ìsápamọ́; bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kejì kò ní gba ìlérí rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bí ẹni tí ń lépa bá fi ìdajì wákàtí kó ẹ̀ṣẹ̀ ọdún márùn-ún jọ, kò dúró rárá. Ẹ má sì retí pé ìjà yóò tán. Eyín àti ahọ́n a máa jà. Àmì pé nǹkan ń dára ni pé ìjà ń kúrú sí i, ìpadà ń yá sí i, ẹ sì ń gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́ rí lẹ́nu ara yín. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún Mùsùlùmí láti yan arákùnrin rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kí ẹnì kejì ni ó lóore jù. Tọkọtaya tí ó bá ti di ọjọ́ mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn ṣe sàlámà ní alẹ́ yẹn, kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó jàre.

Ọ̀nà yìí sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ nítorí pé wọn yóò nà án bí ó bá sọ̀rọ̀, àlọyípo tí à ń sọ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù ni, a kò sì gbọdọ̀ ní kí ó lọ tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tí ó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé láti ọdún 2007, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá ààbò. Bí kò bá sí ìwà ipá, ṣùgbọ́n tí tọkọtaya ti gbìyànjú tí àlọyípo náà kò dúró, Ọlọ́hun ti fi ọ̀nà hàn nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ̀ 35: kí a yan onílàjà kan láti ìdílé ọkọ àti ọ̀kan láti ìdílé ìyàwó. Èèyàn méjì ni, kí ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní ẹni tí yóò gbé e kalẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ àtúnṣe, kì í ṣe ẹni tí ó wá gbèjà ọmọ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní irú wọn nítòsí lè lọ sí ibi ìlàjà tí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Wọn kì í gba owó.

Olúwa, ìwọ ni o fi ìfẹ́ àti àánú sáàárín tọkọtaya. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ní ohùn tí ẹnì kejì lè dúró tì. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lọ́rùn ní ẹsẹ̀ tí yóò máa gbé e padà wálé. Wo àwọn ìyá àti bàbá wa tí ń ṣàìsàn sàn, bá wa wá owó iléèwé àwọn ọmọ wa ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, kí o sì jẹ́ kí ilé wa jẹ́ ibi ìfàyàbalẹ̀. Àmín, yà Olúwa gbogbo ẹ̀dá.